Gbẹ́sẹ̀rò

Ọdún tí àwọn sójà tún gba ìjọba, tí gbogbo ìlú ń tò lórí ìlà nítorí ṣúgà àti ọṣẹ, ni olùkọ́ kan, Bímbọ́lá, gbé ìjàpá kan wá sí kíláàsì kẹrin tí ó ń kọ́ ní ilé ìwé kékeré kan lápá Odòsidà, nílùú Oǹdó. Ìwé kíkà kò kárí àwọn ọmọ mọ́. Àwòrán ẹranko tí ó wà lára ògiri tẹ́lẹ̀, ikán ti jẹ ẹ́ tán. Ẹ̀gbọ́n bàbá Bímbọ́lá tí ó ń dáko kòkó lọ́nà Òwenà ni ó rí ìjàpá náà lábẹ́ ewé gbígbẹ. Bímbọ́lá bẹ̀ ẹ́ kí ó má sè é, ó ní ohun tí òun yóò fi kọ́ àwọn ọmọ òun nìyẹn.

Wọ́n fi pákó àlòkù kan ọgbà fún un ní igun kíláàsì. Wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ tútù àti ewé kòkó sí i, wọ́n gbé àwo pẹrẹsẹ kan sí àárín rẹ̀ pẹ̀lú omi, nítorí pé irú ìjàpá inú igbó yẹn kò fẹ́ràn ibi gbígbẹ. Lọ́jọ́ kìíní gan-an ni àwọn ọmọ ti fẹ́ sọ ọ́ lórúkọ. Bímbọ́lá ní rárá. Ó ní ìjàpá kì í ṣe orúkọ, gẹ́gẹ́ bí kò ti sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tí ń jẹ́ Ènìyàn. Ẹni tí ó bá fẹ́ dá orúkọ lábàá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò ó fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kí ó máa kọ ohun tí ó rí sínú ìwé lójoojúmọ́. Ohun tí ojú rí nìkan ni kí wọ́n kọ. Kò fẹ́ ọlọ́gbọ́n, kò fẹ́ ọ̀kánjúwà, kò fẹ́ ohunkóhun tí wọ́n gbọ́ nínú àlọ́, nítorí pé kò sí ọ̀kankan nínú wọn tí ó tíì rí ìjàpá yìí kí ó ṣe ọ̀kánjúwà.

Àwọn ọmọ náà wò ó lóòótọ́. Wọ́n kọ ọ́ pé tí ó bá fẹ́ mu omi, á ti imú bọ omi pátápátá, ọ̀fun rẹ̀ á sì máa lọ sókè sódò. Wọ́n kọ ọ́ pé ó ń jẹ olú àti ìbẹ́pẹ tí ó ti rọ̀, pé ó sì jẹ ìgbín kékeré kan tòun ti ìkarahun rẹ̀. Wọ́n ka àwọn ìlà tí ó yí ara wọn ká lórí ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi dàrú mọ́ wọn lójú. Ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Ayọ̀bámi ni ó kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé apá ẹ̀yìn ìkarahun ìjàpá náà ní oríkèé kan bíi ti ilẹ̀kùn: bí ẹ̀rù bá ba ìjàpá náà, apá ẹ̀yìn á wálẹ̀, á sì bo ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ pé, wọ́n kọ orúkọ mẹ́jọ sójú pátákó. Ẹni tí ó dá orúkọ kọ̀ọ̀kan lábàá ní láti dìde kí ó sọ ìdí. Wọ́n yọ Ajewé, nítorí pé ewúrẹ́ pàápàá ń jẹ ewé. Wọ́n yọ Òkúta, nítorí pé òkúta kì í mí, gbogbo wọn sì ti rí bí ọrùn ìjàpá náà ti ń mí. Tìlẹ̀kùn, orúkọ tí Ayọ̀bámi mú wá, fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé. Orúkọ tí Moríyọ̀ mú wá ni ó borí.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Moríyọ̀. Ilé wọn kò jìnnà ju òpó iná méjì lọ sí ọgbà ilé ìwé, òun ni ó sì ń wá ní kùtùkùtù láti pààrọ̀ omi ìjàpá náà. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó kà á jẹ́jẹ́: Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ó dúró. Ẹsẹ̀ náà wà lókè, ó ń gbọ̀n díẹ̀. Ó dà bíi pé ó ń rò ó bóyá kí òun gbé e sílẹ̀. Ó pẹ́. Ó gbé e sílẹ̀. Gbẹ́sẹ̀rò ni orúkọ rẹ̀.

Kò sí ẹni tí ó tún fẹ́ ka ọwọ́ ìbò mọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti máa ń tẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ pákó náà, bí ìjàpá bá gbé ẹsẹ̀ sókè, wọn á máa sọ ọ́ lóhùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: Gbẹ́sẹ̀rò, gbé e sílẹ̀. Gbẹ́sẹ̀rò, gbé e sílẹ̀.

Ìlà kan wà nínú ìwé Moríyọ̀ tí kò kà jáde. Lálẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú ni Bímbọ́lá ti rí i nígbà tí ó ń máàkì. Ọmọ náà kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: Bẹ́ẹ̀ náà ni Ọ̀gá wa ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀.

Ọ̀gá náà ni Lawrence Adébùsóyè, olórí ilé ìwé, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta. Ó ti lé lọ́dún méjì tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì máa ń lẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ó bá dé ẹnu ọ̀nà. Lójú títì gbalaja, ó lè rìn díẹ̀. Bí ó bá ti kan ẹnu ilẹ̀kùn, ara rẹ̀ á kọ̀. Ìdí nìyí tí ó fi ń dé ilé ìwé kí olùkọ́ kankan tó dé, tí ó sì ń kúrò lẹ́yìn gbogbo wọn. Bí àlejò bá ń bọ̀, wọn á bá a lórí ìjókòó, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ á wà nínú àpò. Bímbọ́lá mọ̀. Òun ni ó ń bá a kọ ìwé àkọsílẹ̀ ilé ìwé, ó sì ti kọ́ bí ó ti ń fa ìbuwọ́lùwé rẹ̀. Lọ́dún yẹn, ìwé ìfẹ̀yìntì ń jáde láti Àkúrẹ́ bí ẹni ń fọ́n àgbàdo fún adìyẹ. Wọ́n ní ìjọba kò ní í gbé aláìsàn àti arúgbó dání mọ́.

Bímbọ́lá ti pe Moríyọ̀ sẹ́yìn kíláàsì kí wọ́n tó dìbò. Ó ní kí ó má ka ìlà ìkẹyìn yẹn. Ọmọ náà bi í léèrè ìdí.

“Ẹ ní ohun tí ojú wa bá rí ni ká kọ, mà.”

Bímbọ́lá ní kí ó padà lọ jókòó. Ó yẹ kí ó ya ojú ìwé náà. Ó yẹ kí ó wá orúkọ mìíràn fún ìjàpá. Ṣùgbọ́n kò tíì ní ọmọ tí ojú rẹ̀ mú bẹ́ẹ̀ rí láti ọdún mọ́kànlá tí ó ti ń kọ́ni, ó sì ti kọ “O ṣe é dáadáa” sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú bíírò pupa. Ó fi í sílẹ̀.

Alábẹ̀wò dé láti Àkúrẹ́ ní ọjọ́bọ̀ kan láìsọ tẹ́lẹ̀. Adédèjì ni orúkọ rẹ̀, ọkùnrin pẹ̀lẹ́ kan tí ó wọ bàtà tí ó ti là nídìí. Inú rẹ̀ dùn nígbà tí ó rí ọgbà ìjàpá. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń yí ká lọ́sẹ̀ náà, kíláàsì àkọ́kọ́ nìyí tí wọ́n ti ń ṣe ohun tí ó yàtọ̀ sí kíkọ nǹkan láti ojú pátákó. Ó béèrè ẹni tí ó sọ ọ́ lórúkọ. Gbogbo ọmọ na ìka sí Moríyọ̀. Ó ní kí ó mú ìwé rẹ̀ wá, kí ó ka ìdí fún òun.

Moríyọ̀ wo ojú Bímbọ́lá. Ó kà á, ó sì dúró níbi tí wọ́n ní kí ó dúró. Ṣùgbọ́n alábẹ̀wò gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀ láti wo bí ó ti ń kọ̀wé. Bímbọ́lá rí ojú rẹ̀ tí ó sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ojú ìwé, tí kò sì kúrò níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó pa ìwé náà dé, ó dá a padà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà. Lẹ́yìn náà ni ó ní kí wọ́n bá òun pe Ọ̀gá wá láti ọ́fíìsì, kí àwọn jọ wo kíláàsì yìí.

Ọ̀gá Adébùsóyè wá. Wọ́n gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ tí ó ń fà nílẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, títí ó fi kan ẹnu ọ̀nà kíláàsì kẹrin. Níbẹ̀ ni ó dúró sí. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún díẹ̀, ẹsẹ̀ náà ń gbọ̀n, kò lè gbé e kọjá. Ó di férémù ilẹ̀kùn mú. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín nínú kíláàsì. Bímbọ́lá ti fẹ́ gbéra láti lọ dì í lápá nígbà tí ohùn ọmọ kékeré kan dún láti ìjókòó iwájú, jẹ́jẹ́, bí wọ́n ti máa ń sọ ọ́ fún ìjàpá:

“Gbé e sílẹ̀.”

Òmíràn gbà á. Kò pẹ́ tí nǹkan bí ọmọ mẹ́wàá fi ń sọ ọ́ papọ̀ lóhùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, gbé e sílẹ̀, gbé e sílẹ̀. Ìrànwọ́ ni wọ́n rò pé àwọn ń ṣe. Ọ̀gá wo gbogbo wọn lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ balẹ̀ níkẹyìn, ó wọlé. Alábẹ̀wò sì gbé ojú sí ibòmíràn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ìwé dé pé wọ́n ti fẹ̀yìn Ọ̀gá tì nítorí àìlera. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Bímbọ́lá lọ sí ilé rẹ̀. Ó bá a níbi tí ó ti ń di ìwé sínú páálí pẹ̀lú ọwọ́ òsì. Ó kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí ìlà tí ó rí títí dé orí bíírò pupa. Ọ̀gá ní kí ó dìde.

“Mo ti ka ìwé ọmọ yẹn kí alábẹ̀wò tó dé,” ni ó wí. “Ẹ̀yin ni ẹ gbé àwọn ìwé wọn wá fún mi láti yẹ̀ wò. Ó rí i dáadáa. Kò sí olùkọ́ kan níbí tí ó lè kọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀.”

Bímbọ́lá bi í pé kí ni kò jẹ́ kí ó fa ìlà náà yọ.

“Kí n wá sọ fún ọmọ pé kí ni? Pé irọ́ ni?” Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tí ń gbọ̀n lórí páálí náà. “Ẹ má jẹ́ kí ó mọ̀ pé òun ni ó fà á.”

Ṣùgbọ́n Moríyọ̀ ti mọ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún ti sọ fún un létí odò pé orúkọ tí ó sọ ìjàpá ni ó lé Ọ̀gá lọ. Bímbọ́lá gbìyànjú láti ṣàlàyé fún un pé àìsàn ni, kì í ṣe orúkọ. Ọmọ náà gbọ́, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Láti ìgbà náà kò pe ìjàpá ní orúkọ kankan mọ́. “Ìyẹn” ni ó ń pè é. Nígbà tí Bímbọ́lá ní kí wọ́n wò ó bí ó ti ń wa ilẹ̀ láti sùn, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí, Moríyọ̀ kọ déètì sókè ojú ìwé, ó kọ sísàlẹ̀ rẹ̀ pé: N kò rí nǹkan kan.

Wọ́n gbé Ọ̀gá Adébùsóyè lọ sí ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin, Adéjọkẹ́, ní Ìjọmú ní Àkúrẹ́. Bímbọ́lá lọ kí i lẹ́ẹ̀kan, nígbà ọyẹ́. Ó ti rù, ojú rẹ̀ kò sì lè rẹ́rìn-ín mọ́, bí ẹni wọ ìbòjú. Àbúrò rẹ̀ ń fi ṣíbí fún un lẹ́kọ, ó máa ń pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó gbé e mì. Oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀kọ bá ọ̀nà òdì lọ, ó sì há mọ́ ọn. Ó ti kú kí wọ́n tó rí mọ́tò gbé e dé ọsibítù, nítorí pé kò sí epo nílùú.

Olórí ilé ìwé tuntun kò fẹ́ ẹranko nínú kíláàsì. Bímbọ́lá gbé ìjàpá náà padà sí oko ọ̀nà Òwenà lọ́jọ́ Sátidé kan. Ó gbé e sílẹ̀ sábẹ́ igi kòkó. Ìjàpá náà ti ẹ̀yìn rẹ̀ pa, kò sì jáde ní gbogbo ìgbà tí Bímbọ́lá fi dúró tì í.

Bímbọ́lá ṣì kọ́ kíláàsì kẹrin fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà. Pátákó ni ó ń kọ nǹkan sí, àwọn ọmọ á sì dà á kọ.