Owó Tó Lé Láìta Bàtà

Gbogbo ilé-iṣẹ́ ló ń pè é ní Ìyàwó. Ó ti bímọ méjì, ewú sì ti ń yọ lẹ́bàá etí rẹ̀, síbẹ̀ Ìyàwó ni, àní lẹ́nu ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì pàápàá. Àbúrò Ọ̀gá ló fẹ́. Ọ̀gá ni obìnrin tó dá ilé-iṣẹ́ bàtà náà sílẹ̀, àbúrò rẹ̀ ló ń gé awọ nísàlẹ̀, Ìyàwó ló ń bá wọn ṣírò owó lókè, nínú yàrá kékeré kan tí òórùn gọ́ọ̀mù kì í kúrò níbẹ̀.

Orí ayélujára ni wọ́n ti ń ta èyí tó pọ̀ jù nínú bàtà wọn, fún àwọn ará òkè òkun. Ẹnì kan á san yúrò, ẹlòmíràn á san dọ́là, ẹlòmíràn á san pọ́n-ùn. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń bá wọn gba owó á di owó náà mú fún ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà á ṣẹ́ ẹ sí owó ilé, ìyẹn owó orílẹ̀-èdè wọn, á sì fi ránṣẹ́ sí báńkì wọn. Bí iṣẹ́ ṣe ń lọ nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó bá a jà, títí di àárọ̀ ọjọ́ tí owó ilé já wálẹ̀.

Ìjọba ló kéde rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ àná. Kí ilẹ̀ tó mọ́, yúrò tí wọ́n ń rà ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lóṣù méjì sẹ́yìn ti di ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin. Àwọn èèyàn ń kùn nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n ń kùn lẹ́nu ọ̀nà báńkì. Ọ̀gá nìkan ló ń kọrin wọlé.

"Ìyàwó, ṣé o ti rí i?" Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kí Ìyàwó tó dìde kí i. "Ṣí kọ̀ǹpútà yẹn, kí o wo ohun tí Ọlọ́run ṣe."

Ìyàwó ti rí i. Lójú kọ̀ǹpútà, níbi tí wọ́n ti máa ń wo àpapọ̀ owó ọjà tí wọ́n ti tà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, owó náà ti fò sókè bí ẹni tí wọ́n gún ní abẹ́rẹ́.

"Mo rí i, Ẹ̀gbọ́n."

"Bàbá Onílé ń bọ̀ lọ́sàn-án yìí pẹ̀lú lọ́yà rẹ̀. Mo ti sọ fún un pé kó má ta ilé yẹn fún oníbúrẹ́dì. Èmi ni mo máa rà á fún ilé-iṣẹ́ wa, gbogbo owó rẹ̀ ni mo máa san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹnikẹ́ni má bàa tún fi ilé dẹ́rù bà mí mọ́." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì jáde lọ.

Ìyàwó jókòó. Ó wo àwọn ọ́dà tuntun: kò sí ìkankan láti àná. Ẹnikẹ́ni ò ra bàtà, síbẹ̀ owó lé. Ibo ló ti wá?

Ó mú ọ́dà kan, ti obìnrin kan tó ra bàtà aláwọ̀ pupa ní ọgọ́rùn-ún yúrò. Lọ́jọ́ tó rà á, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni yúrò kan, èyí tó jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta. Ó ṣí ìwé báńkì. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ agbowó fi owó náà ránṣẹ́, yúrò ti fi ogún gun òkè, ẹgbẹ̀rún méjìléláàádọ́ta ló sì wọlé. Ó wá wo ojú kọ̀ǹpútà: ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rin.

Ó pe Kọ̀ǹpútà. Orúkọ tí wọ́n fún ọkùnrin tó kọ ètò ìṣírò owó inú kọ̀ǹpútà náà nìyẹn, ìbátan Ọ̀gá ni, orúkọ ọ̀hún sì ti mọ́ ọn lára débi pé òun fúnra rẹ̀ ń fi í dáhùn fóònù. Ó dé pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́.

"Kọ̀ǹpútà, nígbà tí ètò rẹ bá fẹ́ sọ iye ọ́dà kan lówó ilé, iye yúrò ti ọjọ́ wo ló ń lò?"

"Ti òní ni. Yúrò tí oníbàárà san ni mo tọ́jú, ètò á wá fi iye òní sọ ọ́ di owó ilé."

"Fún gbogbo ọ́dà? Títí kan èyí tí owó rẹ̀ ti wọ báńkì lóṣù méjì sẹ́yìn?"

Ó gbé ife náà sílẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Áà," ó ní. "Áà, àǹtí mi. Owó tó ti wọlé kì í lé mọ́."

"Kì í lé mọ́. Báńkì ò ní fi ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún kún un fún wa torí pé ìjọba sọ̀rọ̀ lánàá."

"Nígbà tí mo kọ ọ́, yúrò kì í mì. Mi ò rò ó dé ibẹ̀."

"Kò sẹ́ni tó ń bá ẹ jà. Ṣé o pa iye yúrò tí wọ́n san rẹ́?"

"Rárá o. Ó wà níbẹ̀, òun àti irú owó tí wọ́n fi san án, òun àti ọjọ́ tí wọ́n rà á."

"Ó dáa. Wá jókòó."

Ohun tí wọ́n ṣe láàárọ̀ yẹn kò ṣòro, ṣùgbọ́n ó gba ojú. Wọ́n ya àwọn ọ́dà sọ́tọ̀. Èyí tí owó rẹ̀ ti wọlé, wọ́n so ó mọ́ iye tí wọ́n fi ṣẹ́ ẹ lọ́jọ́ tó wọlé gan-an, kò sì gbọ́dọ̀ yí padà mọ́ títí ayé. Èyí tí oníbàárà ti san, ṣùgbọ́n tó ṣì wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ agbowó, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní yúrò tàbí ní dọ́là, torí pé kò sẹ́ni tó mọ iye tí wọ́n máa fi ṣẹ́ ẹ. Owó bàtà gan-an, iye ọjọ́ ìtajà ni wọ́n fi kọ ọ́. Ẹgbẹ̀rún méjì tó lé lórí bàtà pupa yẹn kì í ṣe èrè bàtà, èrè ṣíṣẹ́ owó ni, àyè tirẹ̀ ló sì wà.

Ọkọ rẹ̀ gòkè wá níbi tí wọ́n ti ń ṣe é, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lára rẹ̀. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó sì fi ọwọ́ gbo ojú.

"Má dá sí i," ó ní. "O mọ ẹ̀gbọ́n mi. O fẹ́ bá a jiyàn níwájú àlejò?"

"Awọ tí ò ń gé nísàlẹ̀ ńkọ́? Ṣé a ti san owó rẹ̀?"

Ó mi orí. Àwìn ni wọ́n ra awọ náà láti òkè òkun, yúrò ni wọ́n sì máa san ní ìparí oṣù. Owó ilé tó já yìí ti sọ gbèsè náà di ńlá.

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju eéje lọ," Ìyàwó ní. "Bó bá san owó láti fi ra ilé yẹn lónìí, a ò ní lè san owó awọ, owó oṣù ẹnikẹ́ni ò sì ní jáde."

Ọkọ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ padà sídìí awọ rẹ̀.

Nígbà tí àròpọ̀ jáde, Kọ̀ǹpútà kà á lẹ́ẹ̀mejì. Owó gidi tó wà ní báńkì kò ju ti oṣù tó kọjá lọ. Bí wọ́n bá yọ gbèsè awọ kúrò nínú rẹ̀, díẹ̀ ló kù. Ní àkókò yẹn gan-an ni wọ́n gbọ́ ìró mọ́tò nísàlẹ̀, tí ẹnì kan sì ń kí Bàbá Onílé káàbọ̀.

Ìyàwó fi ìka kan ilẹ̀kùn Ọ̀gá. Bàbá Onílé ti jókòó, lọ́yà ti na ìwé sórí tábìlì, bírò sì ti wà lọ́wọ́ Ọ̀gá. Ìyàwó kúnlẹ̀ kí wọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọjú sí mi níta."

"Kí ló dé? Sọ ọ́ níbí. Àwọn wọ̀nyí ti di ará ilé."

"Ọ̀rọ̀ ilé ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Mo ní kí o sọ ọ́."

Bó bá ní owó ò sí, ó ti dójú ti ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ níwájú onílé. Bó bá dákẹ́, bírò á kan ìwé. Ó gbójú sókè díẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, bàtà mélòó la tà láti àná?"

Ọ̀gá wò ó bí ẹni pé orí rẹ̀ ti yí. "Ìbéèrè wo nìyẹn? A ò tíì ta ìkankan."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá."

Ohùn rẹ̀ gbọ̀n nígbà tó sọ ọ́, bóyá ohun tó mú Ọ̀gá dìde nìyẹn. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀ọ̀dẹ̀, láàárín àwọn páálí bàtà tí wọ́n tò jọ dé àjà, Ọ̀gá yíjú sí i.

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi lówò? Níwájú lọ́yà? Kí bàbá yẹn lè lọ sọ nígboro pé ìyàwó àbúrò mi ló ń darí mi?"

"Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n. Owó tí ẹ rí láàárọ̀, kò sí níbì kankan. Owó tá a ti gbà, tá a ti ná nínú rẹ̀, ni ètò tún fi iye òní ṣírò." Ó fi bàtà pupa náà hàn án lórí fóònù, iye tí kọ̀ǹpútà sọ àti iye tó wọ báńkì.

"Bàtà kan ṣoṣo lo fi ń dẹ́rù bà mí?"

"Gbogbo wọn ló rí bẹ́ẹ̀. Ẹ pe báńkì fúnra yín."

Ọ̀gá pe báńkì. Ó kọjú sí ògiri, ó fi ìka kan di etí kejì. Ìyàwó kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ fún un, ṣùgbọ́n ó rí èjìká rẹ̀ tó sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yípadà, ó dà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè gíga.

"Awọ," ó ní jẹ́jẹ́. "Yúrò ni gbèsè awọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n."

Ọ̀gá tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó sì wọlé padà. Ìyàwó dúró níta, ó sì ń gbọ́ ohùn wọn. Ọ̀gá bẹ̀ ẹ́ kó fún òun ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bàbá Onílé ní kò ṣeé ṣe, oníbúrẹ́dì ń dúró de òun. Ọ̀gá tún bẹ̀ ẹ́, irú ẹ̀bẹ̀ tí ẹnikẹ́ni nílé-iṣẹ́ náà kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Àga ró, ilẹ̀kùn ṣí. Lọ́yà kọjá lára Ìyàwó pẹ̀lú ìwé rẹ̀, kò sì dáhùn ìkíni rẹ̀.

Ó tó ọjọ́ mélòó kan tí Ọ̀gá kò fi bá a sọ̀rọ̀ ju "o káàárọ̀" lọ. Nílé, ọkọ rẹ̀ ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń sùn. Ìyàwó kì í sun dáadáa. Lójú rẹ̀, bí owó ilé bá lọ lágbára padà, wọn á ní òun ló ba ilé yẹn jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Láràárọ̀, kó tó fọ ojú, ó ń wo iye yúrò.

Owó ilé kò lágbára. Ní ìparí oṣù, yúrò tún ti fò kọjá ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin. Ọ̀gá gòkè wá sí yàrá gọ́ọ̀mù náà, ó jókòó ti Ìyàwó, wọ́n sì jọ san owó awọ. Lẹ́yìn náà wọ́n san owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, ti ọkọ Ìyàwó ló kẹ́yìn. Ohun tó kù ní báńkì kò lè ra àga onílé kan, ká má tíì sọ ilé rẹ̀.

Ọ̀gá ń wo òǹkà tó kù náà, kò sì dìde.

"Inú ṣì ń bí mi o," ó ní.

"Mo mọ̀, Ẹ̀gbọ́n."

"Kì í ṣe sí ọ." Ó mí kanlẹ̀. "Mo ti sọ fún gbogbo ẹbí pé mo ti rí ilé. Àbúrò ìyá mi ti ń gbàdúrà sí i. Báwo ni mo ṣe fẹ́ pe obìnrin yẹn?"

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín pè é."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀ẹ̀kìíní nínú oṣù náà, ó sì na fóònù sí i.