Lẹ́tà Tí Gbogbo Kíláàsì Lè Kà

Níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ti ń ti ara wọn lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan n'Ìwó, ojú Àdúrà ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ti Bọ̀wálé, ọ̀dọ́mọkùnrin àfín tó dé fìlà elétí gbòòrò nítorí oòrùn. Ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú rẹ̀ ń mì sọ́tùn-ún sósì.

"Bọ̀dá, ṣé ẹ ń ṣẹ́jú sí mi ni?" Àdúrà bi í.

Bọ̀wálé rẹ́rìn-ín. "Ijó tí wọ́n bí mọ́ ojú mi ni. Bí mo bá gbórí sẹ́gbẹ̀ẹ́ báyìí, ó máa ń rọlẹ̀ díẹ̀. Mo fẹ́ rí yín dáadáa ni."

Láti ọjọ́ náà, iwájú ni wọ́n jọ ń jókòó, jìnnà sí fèrèsé tí ìmọ́lẹ̀ ti ń gún Bọ̀wálé lójú, Àdúrà á sì máa ka ohun tó wà lójú pátákó sí i létí. Ìfẹ́ wọlé. Àdúrà kọ lẹ́tà ìfẹ́ sí Bọ̀wálé, wínníwínní bí ẹsẹ̀ èèrà, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i kà.

Àfi bó ṣe rántí: Bọ̀wálé náà ò ní rí i kà! Ismaeel ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni yóò kà á fún un, ẹnu Ismaeel ò sì ní ìlẹ̀kùn.

Ó fi bírò dúdú tó nípọn tún un kọ gàdàgbà-gadagba. Ó gba ojú ìwé mẹ́fà.

"Ìfẹ́ lò ń kọ ni, àbí pátákó ṣọ́ọ̀ṣì?" Sodiqat, ọ̀rẹ́ Àdúrà, bú sẹ́rìn-ín nínú kíláàsì. "Gbogbo kíláàsì ni yóò kà á!"

Ìtìjú mú Àdúrà, ṣùgbọ́n ó dìde, ó na lẹ́tà náà sí Bọ̀wálé.

"Ẹ gbà," ó ní, lójú gbogbo wọn. "Ẹ fúnra yín ni kẹ́ ẹ kà á."