Ìyá Tó Ń Fọṣọ Nínú Ìbéèrè Kẹta

Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ẹkúndayọ̀ dá ìbéèrè mi padà lẹ́ẹ̀kejì, díẹ̀ ló kù kí n fi ìwé náà dáná. Àwọn ló ń yẹ ìbéèrè ìdánwò wa wò kó tó dé iwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ ojú wọn ò tíì fẹ̀yìn tì. Bírò pupa ni wọ́n fi kọ ọ́ sí etí ìwé pé: "Ìrẹsì yìí ti mọ́ jù. Òkúta dà?"

Ẹni tí kì í bá ṣe iṣẹ́ wa lè má mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Tá a bá ń ṣe ìdánwò fáwọn ọmọ tó ń kọ́ òfin, ìtàn la máa ń kọ fún wọn: lágbájá ra nǹkan lọ́wọ́ làkáṣègbè, ìjà dé, ẹ gba lágbájá nímọ̀ràn. Ọ̀rọ̀ tí adájọ́ máa lò wà nínú ìtàn náà, ọ̀rọ̀ tí kò ní í wò rárá náà sì wà níbẹ̀, torí bí àwọn èèyàn ṣe ń rojọ́ fún lọ́ọ́yà nìyẹn. Wọ́n á sunkún, wọ́n á sọ̀rọ̀ àna wọn, wọ́n á sọ àwọ̀ aṣọ tí ẹni tó rẹ́ wọn jẹ wọ̀ lọ́jọ́ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì. Èmi olùkọ́ ló máa da òkúta sí i. Bí òkúta bá tóbi jù, ọmọ á rí i látòkèèrè, bí kò bá sì sí rárá, a ò dán ẹnikẹ́ni wò nìyẹn.

Ohun tó tún wá ń bí mi nínú ni pé òfin ilẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ mi. Òfin àdéhùn ni mo ti fi ọdún mẹ́sàn-án kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2001, ọ̀gbẹ́ni tó ń kọ́ wọn ní òfin ilẹ̀ rí físà gbà, ó bá tiẹ̀ lọ, ọ̀gá ẹ̀ka wa sì ní kí n bá òun dì í mú díẹ̀. Díẹ̀ náà ti pé ọdún kan. Ìjọba alágbádá ti dé, a rò pé nǹkan máa dẹ̀ wá lọ́rùn, àmọ́ ó jọ pé wọn ò tíì sọ fún NEPA. Àbẹ́là ni mo fi ń kàwé, ọjọ́ mẹ́rin péré ló sì kù kí ìbéèrè wọlé.

Ilé wa ní Bàrígà nìkan ló ń mú mi fara dà á. Ó ti gba páànù, oṣù tó ń bọ̀ la sì fẹ́ kó kúrò nínú yàrá méjì tá à ń gbé ní Ṣómólú, níbi tí mo ti fi ọdún mọ́kànlá bá ìdílé mẹ́fà tò sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ kan ṣoṣo. Gbogbo ohun tá a ní, èmi àti ọkọ mi, inú ilé yẹn ló wà.

Ọkọ mi, Bọ́dúndé, ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé, kàlẹ́ńdà àti ìwé ìpè ìgbéyàwó ló ń tẹ̀. Ó ti ní òun máa bá mi tẹ ìbéèrè náà lọ́fẹ̀ẹ́, mo ní rárá o. Mo fọkàn tán an, àmọ́ mi ò fọkàn tán gbogbo ojú tó ń yọjú sí ṣọ́ọ̀bù yẹn. Òun ló wá bi mí ohun tí mò ń wá kiri. Ó ní ṣé mo ti gbàgbé ọjọ́ tá a ra ilẹ̀ wa ni, ọ̀rọ̀ tí kò wúlò wo ni wọn ò sọ fún wa lọ́jọ́ náà? Mo rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Òótọ́ ló sọ.

Mo bá jókòó, mo kọ Ìbéèrè Kẹta tuntun. Èdè òyìnbó ni mo fi kọ ọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ wa ni. Mo pe ẹni tó ra ilẹ̀ ní Sabina, mo pe ẹbí tó ni ilẹ̀ ní ẹbí Ògúnmọ́lá. Baba tó ni ilẹ̀ ti kú, ó fi ọmọ púpọ̀ sílẹ̀. Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin, tí í ṣe Dáwódù, jẹ olórí ẹbí, òun náà kú. Àbúrò Dáwódù kan wá dúró gẹ́gẹ́ bí olórí ẹbí, òun àti àgbà ẹbí méjì ta ilẹ̀ fún Sabina, wọ́n fọwọ́ síwèé. Ọmọ ẹbí kan tó ń gbé ní Kánò kò mọ̀ sí i. Ó délé, ó rí i tí Sabina ń kọ́lé, kò sọ nǹkan kan fún ọdún mẹ́ta, ó wá gbé e lọ sílé ẹjọ́ nígbà tó rí páànù.

Ìrẹsì nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í da òkúta sí i. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fọwọ́ síwèé. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà bínú pé ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n gbé wá kò tutù. Ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tí àbúrò Dáwódù yẹn ní, ọmọ baba kan náà, ń fọṣọ nínú báàfù lẹ́yìnkùlé, kò sì kí Sabina dáadáa. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí wa gẹ́lẹ́ nìyẹn. Nígbà tí mo béèrè lọ́jọ́ náà, Bàbá Sùrájù tó ta ilẹ̀ fún wa ní ẹ̀gbọ́n àwọn ni, ọjọ́ ti pẹ́ tó ti lọ sílé ọkọ, kí n má wulẹ̀ dá a lóhùn.

Mo kọ ìwé máàkì, ìyẹn ìdáhùn tá a máa fi fún àwọn ọmọ ní máàkì. Bí olórí ẹbí bá ta ilẹ̀ láìjẹ́ kí gbogbo àgbà ẹbí mọ̀, títà náà ṣì dúró, àfi tí ẹni tí wọn ò fi tiẹ̀ ṣe bá tètè lọ sílé ẹjọ́ kó yí i padà. Ẹni Kánò kò tètè lọ. Ilé Sabina kò ní í bọ́. Mo gbé e lọ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n ní Àkókà, inú mi dùn.

Wọ́n kà á, wọ́n rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ọtí ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n ní òkúta gidi rèé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú bírò, wọ́n fi àmì òbírí yí ìyá tó ń fọṣọ ká.

Wọ́n bi mí pé, "Oyinkọ́lá, ta ni olórí ẹbí yìí?"

Mo ní àbúrò Dáwódù ni. Wọ́n ní ta ló dàgbà jù nínú àwọn ọmọ baba tó ṣẹ́ kù láyé. Ìyá tó ń fọṣọ yẹn ni. Èmi fúnra mi ti dúró níwájú ọgọ́sàn-án ọmọ ní kíláàsì, mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: bí Dáwódù bá kú, ọmọ baba tó tẹ̀ lé e lọ́jọ́ orí ló kan, ì báà ṣe ọkùnrin, ì báà ṣe obìnrin. Mo mọ̀ ọ́n lórí. Àmọ́ nígbà tí mo rí obìnrin tó tẹ̀ ba lórí báàfù aṣọ, àárín òkúta ni mo jù ú sí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ò tiẹ̀ pariwo. Wọ́n ní, "Bí kì í bá ṣe pé gbogbo ẹbí jókòó, tí wọ́n sì yan àbúrò yẹn fúnra wọn, kì í ṣe olórí. Bí kì í bá ṣe olórí, àwọn tó fọwọ́ síwèé ò rí nǹkan kan tà. Ọ̀rọ̀ ẹni Kánò ò sí níbẹ̀ mọ́. Títà náà òfo ni, kò sì sí bó ṣe lè pẹ́ tó tí òfo á di nǹkan." Wọ́n ní ọ̀nà méjì ló wà: kí n yọ ìyá náà kúrò, kí ìwé máàkì mi lè dúró, tàbí kí n fi í sílẹ̀, kí n sì tún ìwé máàkì kọ. Wọn ò mọ̀ pé ilé mi ni wọ́n ń sọ.

Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn délé, inú sì ń bí mi sí gbogbo ayé: sí Bàbá Sùrájù, sí lọ́ọ́yà ọ̀rẹ́ wa tó ṣèwé fún wa, sí ọ̀gbẹ́ni tó rí físà gbà. Nígbà tí mo dé ibùdókọ̀ Ìgbàlá ni mo wá rí i pé ara mi ni inú ń bí mi sí.

Bọ́dúndé gbọ́ ọ dópin. Ó wá ní, "Ìbéèrè ni wọ́n ní kó o tún ṣe, Ìyá Dọlápọ̀, wọn ò ní kó o tún ilé wa ṣe. Pa ìyá yẹn rẹ́." Ó ní ta ló ń béèrè? Ìyá náà ò tíì pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ẹni tó bá lọ jí i nínú oorun ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀. Mi ò lè sọ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò lọ́gbọ́n nínú. Mo tiẹ̀ mú rọ́bà, mo gbé e lé orí ìlà náà, mo wá rántí pé bírò ni mo fi kọ ọ́. Mo bú sẹ́kún, ẹkún ìbínú ni. Bí ìyá yẹn bá kú ká tó bá a sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ wa ni wọ́n máa bá ẹbí yẹn fà á.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ sí Bàrígà, sí agboolé Adéjìmí, ẹbí tó ta ilẹ̀ fún wa. Ìyá Rọ̀kíbátù, ìyá tó ń fọṣọ lọ́jọ́ náà, wà lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ka tẹ̀súbáà rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo kí i. Ó mọ̀ mí. Ó ní èmi ni ìyàwó onílé páànù aláwọ̀ ewé. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo wá bi í bóyá gbogbo ẹbí jókòó nígbà tí Bàbá Ṣàkírù, ẹ̀gbọ́n wọn tó jẹ́ Dáwódù, kú, tí wọ́n fi yan Bàbá Sùrájù ṣe olórí.

Ó ní, "Ẹnikẹ́ni ò jókòó. Wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní olórí ni. Kí ló dé tó o fi ń bi mí lónìí?"

Mo lè purọ́ fún un. Àmọ́ ó ti rẹ̀ mí. Mo ní ìdánwò ni mò ń kọ fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, pé mo fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn ṣe ìtàn, pé ọ̀rọ̀ tó wúlò àti ọ̀rọ̀ tí kò wúlò wà níbẹ̀, àwọn ló máa ṣà á.

Ó sọ tẹ̀súbáà sórí itan. "Èmi náà wà níbẹ̀?"

"Ẹ wà níbẹ̀, Màmá."

"Nínú èwo?"

Ojú tì mí. Mo ní, "Nínú èyí tí kò wúlò."

Kò bínú, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Ó ní lọ́jọ́ yẹn, òun ń fọṣọ kí òun lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ ni, torí wọn ò pe òun síbẹ̀. Ó ní òun ò kí mi dáadáa torí òun ń retí pé èmi, obìnrin, á béèrè ta ni òun. Mo béèrè lóòótọ́, àmọ́ ọwọ́ Sùrájù ni mo ti béèrè.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí èmi àti ọkọ mi wá bá a sọ̀rọ̀, ká ṣèwé tuntun tí òun àti àwọn àgbà ẹbí máa fọwọ́ sí. Kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ó ní, "Kọ́kọ́ lọ tún tàwọn ọmọ yẹn kọ. Ká lè mọ̀ pé o ti mọ ẹni tí ò ń bọ̀ wá bá."

Mo padà sí Ṣómólú, mo tan àbẹ́là, mo sì fa ìwé máàkì yọ. Mo fún ìyá tó ń fọṣọ ní máàkì mẹ́wàá nínú ogún.