Apá Ọ̀tún Bàbá Sylvanus

Èmi ni mo ṣe àṣìṣe náà, n kò ní fi pamọ́. Ogún ọdún ni mo ti ń fi ẹ̀rọ wo ọkàn àwọn aláìsàn ní klíníìkì kan ní Barking. Bí ẹnikẹ́ni bá pè mí ní nọ́ọ̀sì, inú á bí mi: nọ́ọ̀sì ní iṣẹ́ tirẹ̀, èmi náà ní tèmi. Ìgbéraga ní í ṣáájú ìparun.

Lóṣù Kẹta ni wọ́n rán Bàbá Sylvanus Akínrẹ̀mí wá, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, alàgbà ìjọ aláṣọ funfun kan ní Dagenham. Dókítà rẹ̀ ti gbọ́ ariwo kan láyà rẹ̀. Ilẹ̀kùn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde látinú ọkàn lọ sí gbogbo ara ti ń le, kò ṣí dáadáa mọ́. Bí ẹnu ọ̀nà bá ṣe fún tó ni ẹ̀jẹ̀ á ṣe sáré tó, eré yẹn ni ẹ̀rọ mi ń wọ̀n. Tó bá ti pé mítà mẹ́rin ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ti le gan-an nìyẹn. Ti Bàbá jẹ́ 3.4. Ó wá ku kí n wò ó láti apá ọ̀tún àyà, nítorí bí ẹ̀rọ kò bá kọjú sí ẹ̀jẹ̀ tààrà, eré náà á kéré lójú rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ yí sápá ọ̀tún."

"Ọmọ mi, ó ti rẹ̀ mí. Bible study mi, six o'clock ni."

Àgbà ti sọ̀rọ̀, ojú tì mí láti tún un sọ, mo fi apá ọ̀tún náà sílẹ̀ láìwò. Mo ní, "Ṣé ẹ ti dákú rí, sà?"

"Láéláé!"

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé àìsàn náà wà ní ìwọ̀n àárín, pé kò tíì le, kí ó padà wá lẹ́yìn ọdún kan.

Kò pé ọdún. Lóṣù Kẹwàá, Màmá Victoria, ìyàwó rẹ̀, fà á wá: kò lè gun àtẹ̀gùn ilé láìdúró mí, àyà sì ń fún un. Lọ́tẹ̀ yìí mo kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ ìgbọ́yà lé e, lápá ọ̀tún lókè àyà. Ariwo náà le bí ayùn tó ń gé pákó, ó ń ga, ó tún ń rọlẹ̀, ó sì gun ọrùn lọ. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó dé góńgó, ìró kejì ọkàn, ìyẹn ìró ilẹ̀kùn náà nígbà tó bá ń tì, tó yẹ kó dún ketekete lẹ́yìn rẹ̀, sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Ẹ̀rù bà mí. Ìró yìí kì í ṣe ti 3.4.

"Sà, lónìí ẹ máa yí o."

"Nọ́ọ̀sì, o ti le jù!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ yí."

Mo mú ẹ̀rọ kékeré tó rí bíi bírò, mo fi wá ẹ̀jẹ̀ náà lẹ́bàá egungun àyà. 4.7! Ìfúnpá tí ọkàn fi ń tì í kọjá jẹ́ 54, ogójì péré sì ni ààlà. Ihò ilẹ̀kùn náà kò ju 0.7 lọ, èyí tí kò bá pé ọ̀kan ti le. Mo bú ara mi nínú.

"Ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ kò dákú rí?"

"Rárá. Ẹ̀mí ló máa ń gbé mi ṣubú nígbà ijó."

Màmá pòṣé. "Ẹ̀mí yẹn náà ló gbé e ṣubú lórí stairs station, tòun ti àpò iṣu?"

Bàbá tọ́ka sókè. "Mo rò pé ó ń pè mí ni."

"Ọkàn yín ló ń pè yín, sà. Ẹ̀jẹ̀ ò tó dé orí."

Mo pe dókítà ọkàn lójú ẹsẹ̀, mo jẹ́wọ́ àṣìṣe mi, mo sì kọ ìdákú náà sílẹ̀ gàdàgbà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n gba iṣan ẹ̀jẹ̀ itan rẹ̀ gbé ilẹ̀kùn tuntun wọ inú ọkàn rẹ̀. Nígbà tí mo tún gbé ẹ̀rọ ìgbọ́yà lé e, ayùn ti dákẹ́, ìró kejì sì dún ketekete. Mo sunkún, n kò bo ojú.

Lọ́jọ́ ìdúpẹ́ rẹ̀, mo bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ìjọ wọn. Bàbá bẹ̀rẹ̀ ijó. Àwọn ọkùnrin méjì na ọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀ kí wọ́n lè gbá a mú bó bá ṣubú, bí wọ́n ti máa ń ṣe. Ó jó yí pẹpẹ ká lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kẹta.

"Ẹ káwọ́ kúrò!" ó kígbe. "Ẹ̀mí ti dé, mo sì wà lórí ìdúró!"

Gbogbo ìjọ hó. Ó wá nàka sí mi láàárín èrò. "Nọ́ọ̀sì mi nìyẹn!"

Mo dìde dúró. "Sà!" ni mo fi dá a lóhùn.