Ilé Tí Tẹlifíṣọ̀n Kò Mọ̀

Obìnrin aránṣọ kan pa ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó fẹ́ wo fíìmù, àmọ́ tẹlifíṣọ̀n kọ ọ́ sójú ara rẹ̀ pé ilé yìí kò sí lára agboolé tó ni àkáǹtì tí wọ́n fi ń wo fíìmù. Láti ọ̀sẹ̀ méjì ló ti ń sọ pé èèyàn méjì ti ń wò, kò sáyè ẹnì kẹta. Ó pe ilé-iṣẹ́ tó ń ta fíìmù náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

“Mà, iye tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù tó lè fi í wo fíìmù lẹ́ẹ̀kan náà lẹ ń sanwó fún,” ọmọbìnrin tó gbé fóònù wí. “Méjì lẹ rà. Bí a ò bá fi òdiwọ̀n sí i, ẹnì kan á sanwó, gbogbo àdúgbò á máa wò ó.”

“Agboolé tí wọ́n wí ńkọ́?”

“Àwọn tó jọ ń gbé ilé kan ni. Íńtánẹ́ẹ̀tì tí tẹlifíṣọ̀n wọn ń lò la fi ń mọ̀ wọ́n. Ẹni tó ni àkáǹtì ló lè yí ilé náà padà.”

Orúkọ ọkọ rẹ̀, awakọ̀ akẹ́rù, ló wà lórí àkáǹtì.

“Ilé wo ló yí i sí?”

“Ẹ má bínú, mà, a kì í sọ ìyẹn.”

Nígbà tí ọkọ rẹ̀ wọlé nírọ̀lẹ́, ó bi í léèrè pé, “Bàbá àwọn ọmọ mi, tẹlifíṣọ̀n ní ibí kọ́ nilé yín mọ́. Ibo wá nilé yín?”

Ọkùnrin náà jókòó láìbọ́ bàtà. Kò sẹ́.

“Mo ti fẹ́ sọ nípa ìyàwó kejì fún ẹ tẹ́lẹ̀,” ló wí.

Obìnrin náà gbé aṣọ oníbàárà sórí itan. Ó ki òwú sí ojú abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kò wọlé.