Kọfí Kì í Ṣe Àgbo

Ìyá ọkọ mi gbé fúláàsì kọfí tirẹ̀ wá láti ìlú Ntoum, ó gbé e ka orí tábìlì mi gbàgà. Inú bí mi, ẹ̀rù sì bà mí. Nígbà tó wá kẹ́yìn, ṣíbí kọfí kan ni mo dà sínú omi ife méjì, mo wá ń sè é títí kó lè le. Ó tọ́ ọ wò, ó ní, "Ta ni ara rẹ̀ ò yá nínú ilé yìí?"

Dieudonné, ọkọ mi, ló là mí lóye: "Kọfí kì í ṣe àgbo. Tó o bá fẹ́ kó le, kọfí ni kó o fi kún un. Àsèjù ló ń mú un korò."

Torí náà lónìí, ṣíbí ìjẹun méjì tó kún dáadáa ni mo wọ̀n fún ife kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí omi hó, mo sọ ìkòkò kalẹ̀, mo ní sùúrù díẹ̀, mo da kọfí sí i, mo rò ó, mo dé e. Ọwọ́ ń yún mi láti gbé e padà sórí iná. Bó bá ṣàn ńkọ́? Mo kó ara mi níjàánu títí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ fi sọ̀ kalẹ̀, mo wá rọra dà á sínú ife.

Màmá mu ún. Ó tún mu. Ló bá nawọ́ sí fúláàsì rẹ̀. Mo rò pé tirẹ̀ ló fẹ́ mu.

Ó ṣí i, ó da ohun tó wà nínú rẹ̀ sí gọ́tà.

"Ìyàwó, se òmíràn kún ibí yìí. Ọ̀nà Ntoum jìn."