Ọ̀gá Kékeré Lára Ògiri Ilé Ìdáná

"Bí ọmọ yìí bá lè ṣi ìbéèrè kan péré nínú ẹ̀kọ́ ìtàn, ẹ wọ́ èmi gan-an lọ sí jéléósinmi!"

Ìyá Lọ́yà ló ń fọ́nnu bẹ́ẹ̀, tó na ọwọ́ gbọọrọ sí ògiri ilé ìdáná. Obìnrin tí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ rán wá ò tíì jókòó dáadáa. Ó la ẹnu láti sọ ohun tó bá wá, ṣùgbọ́n ibo ni àyè wà? Ìyá Lọ́yà ti gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

Ọkọ rẹ̀, káfíńtà, dúró lẹ́nu ọ̀nà, téèpù ìwọ̀n há sí bẹ́líìtì rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ọmọkùnrin wọn lọ́dún tó kọjá, ìyàwó rẹ̀ ò jẹ́ kí ọmọbìnrin kan tó kù kúrò níwájú òun mọ́. Ó yọ ọ́ nílé ìwé, ó ń kọ́ ọ lórí tábìlì oúnjẹ. Àdéhùn tọkọtaya náà ni pé bí ọ́fíìsì bá ní ẹ̀kọ́ náà ò kún tó, Lọ́yà á padà sí kíláàsì. Ìdí nìyẹn tí àyà ìyá náà fi ń já lábẹ́ gbogbo ariwo yẹn.

Ètò rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Bébà gígùn kan ló lẹ̀ mọ́ ògiri láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí fìríìjì: ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọdún lódindi. Àwọn ayọ́rin, tó ń fi iná yọ́ irin, ló ṣáájú, ìlú olódi tẹ̀ lé wọn, lẹ́yìn náà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ọkọ̀ ojú irin, bàlúù. Tí wọ́n bá ti fọ abọ́ tán láàárọ̀, Lọ́yà á dúró níwájú àwòrán kan, ìyá rẹ̀ á ka ìròyìn méjì tó takora, ọmọ á wá bèèrè pé, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Báwo ló ṣe mọ̀?" Ìbéèrè yìí náà ló sọ ọ́ di Lọ́yà.

"Ẹ ṣeun, mà," ni àlejò wí. "Ohun tí mo torí ẹ̀—"

"Ẹ bi í! Ẹ má wo ojú mi!"

Àlejò mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Lọ́yà, láti ayọ́rin dé ìlú olódi, àti láti ọkọ̀ ojú irin dé bàlúù, èwo ló gùn jù?"

Lọ́yà fi ọwọ́ wọn ògiri. "Ọgbọọgba ni, mà. Àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin, àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin."

Ojú ẹsẹ̀ ni ìyá rẹ̀ rí àṣìṣe náà. Ẹgbẹ̀rún ọdún ló wà láàárín ti àkọ́kọ́. Ti ìkejì ò ju nǹkan bí ọgọ́rùn-ún lọ. Kí ògiri lè rẹwà ló ṣe fi àyè kan náà sí àárín gbogbo àwòrán, ẹwà náà ló sì ṣi ọmọ lọ́nà.

Káfíńtà wọlé. Ìyàwó rẹ̀ rò pé ó ń bọ̀ wá mú ọmọ lọ sílé ìwé ni, àfi bó ṣe fa téèpù yọ. "Ọdún kan, mìlímítà kan. Mítà mẹ́ta ni gbogbo ẹ̀. Ẹ tú u, ká tún un lẹ̀."

Ni wọ́n bá tú u. Ọkọ̀ ojú irin àti bàlúù sáré lọ fún ara wọn pọ̀ nídìí fìríìjì.

"Èmi dà?" ni Lọ́yà wí.

Bàbá rẹ̀ wọn ọdún mẹ́sàn-án fún un.

"Hà, kò tó ìka mi! Bàámi, ẹ ti rẹ́ mi jẹ!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá Kékeré ńkọ́?"

Ẹ̀rín wọlẹ̀. Orúkọ tí wọ́n fi ń ṣàpọ́nlé ọmọ tó kú nìyẹn, oṣù mẹ́rin ló lò láyé. Káfíńtà wo téèpù, ó tún un wò. "Kò sí ìlà tó kéré tó bẹ́ẹ̀ lára ẹ̀."

"Ṣé ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi fi bàlúù parí ẹ̀, tẹ́ ẹ ò mú un dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Kékeré, Màámi?"

Ìyá yíjú sí tábìlì oúnjẹ. Ó ti sọ ikú ọba bí ogún lórí tábìlì yìí láìmí sókè, níbi tí ìgò wàrà ọmọ máa ń dúró sí tẹ́lẹ̀. Ó na àlùmọ́gàjí sí ọkọ rẹ̀. "Ẹ gé bébà mìíràn. Oṣù kan, ìbú ìka kan."

Lórí bébà tuntun, Ọ̀gá Kékeré gba ìka mẹ́rin gbáko. Lọ́yà mú pẹ́ńsù láti gba ẹ̀rí wọn sílẹ̀. "Irú ọmọ wo ni?"

"Ó máa ń rẹ́rìn-ín ṣáá," ni ìyá wí.

"Ẹ̀rín kẹ̀? Ẹkún ló fi lé mi kúrò ní yàrá!" ni bàbá wí.

"Màá kọ méjèèjì," ni Lọ́yà wí.

Ìyá rẹ̀ nu ojú, ó kọjú sí àlejò. "Mo ti ṣìnà, mà. Bí ẹ bá ní kó padà sí kíláàsì, mi ò ní jiyàn."

Àlejò náà nu ojú tirẹ̀. Ó la ẹnu. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó dá a lọ́wọ́ kọ́.

"Ìṣirò ni wọ́n ní kí n wá yẹ̀ wò, mà."